Orúkọ Tó Bá Ẹnu Mu, Àmì Tí Ojú Kì Í Ṣì

Tí ìyá kan bá rán ọmọ rẹ̀ sí ìsọ̀ pé kó lọ ra Omo wá, ọmọ náà lè mú ọṣẹ ìfọṣọ ẹlẹ́búlúbú mìíràn bọ̀, èyí tí orúkọ tó yàtọ̀ pátápátá wà lára rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò bá a wí. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn nílẹ̀ Yorùbá, Omo ni gbogbo irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀. Gbogbo èròjà ọbẹ̀ onígun mẹ́rin tí wọ́n fi bébà wé ni Magí. Ilé-iṣẹ́ tó ni orúkọ ti kúrò lójú pálí, ó ti wọ inú èdè.

Òótọ́ ni pé owó ńlá ni àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ná sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kì í ṣe owó. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, kì í sì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì so mọ́ra wọn láìsí fáwẹ́lì láàárín. Ìdí nìyẹn tí ẹnu Yorùbá fi sọ bread di búrẹ́dì, tó sì fi sọ class di kíláàsì. Orúkọ bí Omo àti Magí kò fún ẹnu níṣẹ́ kankan. Bí wọ́n ṣe wà lójú pálí náà ni ìyálọ́jà ṣe ń pè wọ́n.

Oníṣòwò kékeré tí kò lówó rédíò lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀. Ẹnu àwọn oníbàárà ni rédíò tirẹ̀, nítorí náà ẹnu ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi orúkọ náà sí.

Ká fi obìnrin kan tó ń din ìpékeré ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Kò sí ẹnì kan pàtó tí a ń tọ́ka sí, àmọ́ irú rẹ̀ kò wọ́n ní àdúgbò. Ó ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń dì í sínú lọ́rà tó mọ́ gaara, ó ń já a fún ìsọ̀ mẹ́ta. Ìpékeré rẹ̀ dùn, kò sì ní òróró jù. Ìṣòro rẹ̀ ni pé nígbà tí oníbàárà bá padà wá, kò mọ ohun tí yóò pè é. “Ẹ fún mi ní ti ọjọ́sí yẹn” ló máa ń sọ. Oníṣọ́ọ̀bù a na ọwọ́ mú èyí tó bá sún mọ́ ọn, àgàgà èyí tí èrè rẹ̀ pọ̀ jù. Obìnrin yìí ti fi owó díẹ̀ pamọ́. Ó tó tẹ sítíkà bíi bébà márùn-ún, ó tó ṣe òǹtẹ̀ rọ́bà kan. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

ẸNU NI KÓ KỌ́KỌ́ TỌ́ Ọ WÒ

Orúkọ àkọ́kọ́ tó wá sí i lọ́kàn ni ti òyìnbó: Kurọ́ńṣì Díláìtì. Ó pe àwọn ojúlùmọ̀ márùn-ún lórí fóònù, ó dárúkọ náà lẹ́ẹ̀kan péré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n gbọ́ ránṣẹ́ sí òun.

“Kí lẹ pè é?” ni ẹnì kan bi í.

Àwọn mẹ́rin tó kù kọ ọ́ ní ọ̀nà mẹ́ta. Ìdánwò yìí kò náni ní ju owó ìpè lọ, bẹ́ẹ̀ ló sì ti sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá fẹ́ wá a lórí ẹ̀rọ tàbí tó fẹ́ júwe rẹ̀ fún ọ̀rẹ́. Orúkọ tí mẹ́rin nínú márùn-ún kò bá lè kọ dáadáa lẹ́yìn gbígbọ́ ẹ̀ẹ̀kan, kí a fi í sílẹ̀.

Ó wá yà sí Yorùbá. Oko Wa ló mú, torí pé láti oko ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń wá. Orúkọ yìí já geere lórí fóònù. Ibi tó ti kùnà ni ìwé. Àwọn tó ń kọ Yorùbá lójú pátákó àti lórí fóònù kì í sábà fi àmì ohùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà. Nígbà tí àmì bá ti kúrò, oko lè di ọkọ tí obìnrin fẹ́, ó lè di ọkọ̀ tí èèyàn ń wọ̀, ó lè di ọkọ́ tí a fi ń roko. Ìtumọ̀ kan tún wà tí kò yẹ kó súnmọ́ oúnjẹ rárá, òun gan-an sì ni àwọn ọmọ ilé-ìwé máa kọ́kọ́ kà. Ìdánwò kejì nìyí: kí a kọ orúkọ náà sórí bébà láìsí àmì kankan, kí a gbé e fún ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ rí, kó kà á sókè.

Èènì ló tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ yìí wuyì, nítorí kò sí oníbàárà tí inú rẹ̀ kì í dùn sí èènì. Ṣùgbọ́n lórí fóònù, àwọn kan kọ E kan, àwọn mìíràn kọ méjì. Tó bá sì ti jẹ́ ẹyọ kan, láìsí àmì, ó lè di ẹni, ó lè di ẹní tí a ń tẹ́ sùn, ó lè di èní òde òní.

Nígbà tó ń wo ọmọ rẹ̀ bó ti ń jẹ ìpékeré ni ọ̀rọ̀ mìíràn sọ sí i lọ́kàn. Ọmọ náà ń rún un wómúwómú. Ó kọ́kọ́ gé e kúrú sí Wómú. Ẹni tó gbé e fún láìsí àmì ṣíwọ́ díẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun rí ọmú níbẹ̀. Ó wá kọ ọ́ tán bó ṣe rí: Womuwomu. Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Nígbà tí a pe ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀méjì, ojú dá ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ mọ̀, ẹnu sì fi ohùn tó yẹ sí i fúnra rẹ̀. Èdè Yorùbá kún fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wéréwéré, gìrìgìrì. Àpètúnpè inú wọn ló ń jẹ́ ká mọ̀ wọ́n láìsí àmì. Ẹni tó ń wá orúkọ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Kì í ṣe pé Womuwomu kò ní àbùkù. Bàbá àgbà kan rán an létí pé bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń sọ ọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá forí sọ igi: ó run wómúwómú. Ọ̀rọ̀ bàbá wúwo, ó sì yẹ ní gbígbọ́. Ẹni tó fẹ́ dá iṣẹ́ takisí sílẹ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ orúkọ yìí. Àmọ́ nígbà tí lọ́rà ìpékeré bá wà lọ́wọ́ èèyàn, eyín ló máa kọ́kọ́ rántí, kì í ṣe ìjàǹbá. Obìnrin náà mú un.

ORÚKỌ TÍ ÌWÉ GBÀ

Kó tó tẹ ohunkóhun, ó yẹ kó mọ̀ bóyá ẹlòmíràn ti ń lò ó. Ní Nàìjíríà, àjọ CAC ló ń forúkọ òwò sílẹ̀ lábẹ́ òfin CAMA ti ọdún 2020. Èèyàn lè wá orúkọ lójú ẹ̀rọ àjọ náà kó tó na kọ́bọ̀. Tí orúkọ náà bá ṣófo tí àjọ bá sì fọwọ́ sí i, wọ́n máa ń fi pamọ́ fún un fún 60 ọjọ́ kó lè parí ìforúkọsílẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí wọn kì í fún èèyàn láìgba àṣẹ, àwọn èyí tó lè mú kí ará ìlú rò pé ti ìjọba ni òwò náà. Ẹni tó bá sì fi orúkọ ara rẹ̀ gan-an ṣòwò, láìfi ọ̀rọ̀ kankan kún un, òfin kò fi dandan mú un láti forúkọ òwò sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orúkọ ara ẹni fi rọrùn ní ìbẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè di ìṣòro nígbà tí oníṣòwò bá fẹ́ ta òwò náà fún ẹlòmíràn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé ìwé CAC kì í ṣe ìwé àmì ọjà. Àmì ọjà ní ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀ ní Àbújá, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìṣòwò. Ẹni tó bá ní ìwé CAC nìkan lè rí i lọ́jọ́ kan pé ẹlòmíràn ti gba orúkọ òun fún àmì ọjà. Wọ́n pín gbogbo ọjà àti iṣẹ́ ayé sí ìsọ̀rí 45: 34 jẹ́ ti ọjà, 11 jẹ́ ti iṣẹ́. Ìpékeré bọ́ sí ìsọ̀rí 29, níbi tí àwọn èso àti ẹ̀fọ́ tí a ti sè tàbí tí a ti din wà. Bàtà àti aṣọ wà ní ìsọ̀rí 25. Ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń ṣiṣẹ́ fún ọdún 7, àtúnṣe rẹ̀ sì máa ń jẹ́ fún ọdún 14.

Ìsọ̀rí yìí ló ń jẹ́ kí lẹ́tà kan náà lè jẹ́ ti ẹni méjì. Ẹ wo N, I, K, E. Ní Èkó, lẹ́tà mẹ́rin yìí ń júwe gbọ̀ngàn iṣẹ́ ọnà Nike Art Gallery tó wà ní Lẹ́kì, èyí tí ìyá aláró nì, Nike Davies-Okundaye, fi orúkọ ara rẹ̀ dá sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, orúkọ bàtà ni, ó sì wá láti ọ̀dọ̀ òrìṣà ìṣẹ́gun àwọn Gíríìkì. Kò sẹ́ni tó ń lọ sí Lẹ́kì lọ ra bàtà eré ìdárayá.

Ṣé kí oníṣòwò ìpékeré wa forúkọ àmì ọjà sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́? Owó tó ní kò gbé e. Ohun tí apá rẹ̀ ká ni kó wá orúkọ náà lójú ẹ̀rọ CAC, kó wá a lórí àwọn ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́, kó sì rìn yí ká ọjà tó ń ná. Tí kò bá rí i níbì kankan, kó forúkọ òwò sílẹ̀, kó fi àmì ọjà sí ìgbà tí èrè bá wọlé.

LÓGÒ TÍ KÒ JU LẸ́TÀ LỌ

Ní ọdún 1886, ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà, apòògùn kan tó ń jẹ́ John Pemberton po ohun mímu kan. Akọ̀wé owó rẹ̀, Frank Robinson, ló sọ ọ́ ní Coca-Cola. Robinson gbà pé C méjì yóò dára lójú ìpolówó. Ó sì mú kálámù, ó fi irú ọwọ́ ìkọ̀wé tí àwọn akọ̀wé ìgbà náà ń kọ sínú ìwé ìṣirò kọ orúkọ náà. Ìkọ̀wé yẹn, pẹ̀lú àtúnṣe díẹ̀, ló ṣì wà lára ìgò lónìí. Kò sí àwòrán ẹranko, kò sí ilé, kò sí igi. Orúkọ náà ni lógò.

Irú lógò bẹ́ẹ̀ ló bá òwò kékeré mu jù, nítorí ó ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwòrán tí kò ní orúkọ lára nílò ọ̀pọ̀ ọdún kí èèyàn tó mọ ẹni tó ni ín. Lógò bàtà Nike tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Carolyn Davidson ló yà á ní ọdún 1971, ó sì gba dọ́là 35 fún un. Phil Knight, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, kò fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ rí i. Àwòrán náà kò wọ́n, ṣùgbọ́n ìpolówó ọlọ́dún gbọọrọ tó jẹ́ kó lè dá dúró láìsí orúkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wọ́n. Oníṣòwò tí kò ní irú owó yẹn, kó jẹ́ kí lẹ́tà sọ̀rọ̀.

Nígbà tí obìnrin wa tẹ womuwomu sórí fóònù ní lẹ́tà kékeré, ó rí ohun kan. Kò sí lẹ́tà kankan nínú rẹ̀ tó ga ju èkejì lọ, bí h tàbí l ṣe máa ń ga. Kò sí èyí tó ní ìrù bíi g tàbí p. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, w, o, m àti u, ló dọ́gba lórí, tó sì dọ́gba nísàlẹ̀, bíi ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Tí a bá sì dojú w dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di m. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń gba òǹtẹ̀ rọ́bà dáadáa, nítorí kò sí ìrù tó máa ṣẹ́, kò sí ibi tí ìlà méjì ti máa há mọ́ra. Ó mú irú lẹ́tà kan tó nípọn, ó sì fẹ̀ o méjèèjì díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, kí wọ́n lè jọ ìpékeré roboto. Iṣẹ́ ọnà tó wà nínú lógò náà kò ju ìyẹn lọ.

Kì í ṣe gbogbo orúkọ Yorùbá ló máa rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá ní ẹ, ọ tàbí ṣ nílò ìṣọ́ra. Lẹ́tà bíi ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà tiwọn nínú kọ̀ǹpútà. Ńṣe ni ẹ̀rọ ń gbé àmì ohùn lé orí lẹ́tà náà. Ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà tó rẹwà kò mọ ibi tí yóò gbé e sí, àmì náà a wá ré lójú òfuurufú, tàbí kí àpótí kékeré òfìfo hù níbẹ̀. Kí èèyàn tó fẹ́ràn irú lẹ́tà kan, kó kọ́kọ́ tẹ ẹ́, ọ̀ àti ṣ sí i wò. Noto Sans, Andika àti Gentium máa ń gbé wọn dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n.

Ohun èlò tó lò náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ya ìwé ìpolówó lórí fóònù mọ Canva àti PixelLab. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Àwọn àwòrán tó wà nínú Canva, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti lò wọ́n, nítorí náà ilé-iṣẹ́ náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi àwòrán wọn forúkọ àmì ọjà sílẹ̀. Ẹni tó bá mú àwòrán ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbẹ̀ lè bá a lára ọjà ẹlòmíràn lọ́la. Lẹ́tà lásán àti ìlà lásán kò ní wàhálà yìí.

ÀWỌ̀ KAN ṢOṢO

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú lára lọ́rà tó mọ́ gaara. Nígbà tó lọ sí ìsọ̀ tó ń já ọjà fún, ó rí i pé sítíkà ìpékeré tó kù níbẹ̀ jẹ́ ewéko tàbí àwọ̀ òdòdó, àwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti ọ̀nà jíjìn, gbogbo wọn pò pọ̀. Ó mú aró. Àwọ̀ aró dúdú ti àdìrẹ yọ kedere lórí ìpékeré, nítorí àwọ̀ méjèèjì jìnnà síra wọn, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń lò ó lórí pẹpẹ yẹn.

Àwọ̀ kan ṣoṣo ló mú, lórí bébà funfun, ìdí owó sì wà nínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ nǹkan sára àpò àti aṣọ, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní férémù tirẹ̀, wọ́n sì ń gba owó lórí férémù kọ̀ọ̀kan. Òǹtẹ̀ rọ́bà kò tilẹ̀ lè tẹ̀ ju àwọ̀ kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Lógò tó bá lè dá dúró nínú àwọ̀ kan lè lọ sí ibi gbogbo. Láti mọ̀ bóyá ó lè dá dúró, ó gbé e lọ ṣe fọ́tòkópì dúdú àti funfun, ó sì dín in kù títí tí fífẹ̀ rẹ̀ fi di sẹ̀ǹtímítà méjì. Ó ṣì kà á.

Àwọ̀ náà ní nọ́ńbà: #1F2A6B. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó má bàa máa fi ojú wọ̀n ọ́n nígbà gbogbo. Síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni fóònù fi ń ya àwọ̀, aró gidi ni atẹ̀wé ń lò, nítorí náà ohun tó ń dán lórí fóònù máa ń ṣú díẹ̀ lórí bébà. Ṣọ́ọ̀bù méjì lè tẹ nọ́ńbà kan náà kí ó jáde ní àwọ̀ méjì. Ohun tó ṣe ni pé ó ní kí wọ́n tẹ bébà kan péré ná. Nígbà tó fẹ́ràn rẹ̀, ó fi sítíkà kan pamọ́ sínú ìwé. Gbogbo ìgbà tó bá tún lọ tẹ̀wé, sítíkà yẹn ló ń gbé dání, tó ń fi síwájú atẹ̀wé pé, “Ẹ jọ̀ọ́, kó jọ èyí.”

ÌDAJÌ SẸ̀ǸTÍMÍTÀ

Níbi títẹ sítíkà ni owó ti ń jò jù. Bébà tí wọ́n ń pè ní A4 fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 21, ó sì gùn ní 29.7. Obìnrin yìí kọ́kọ́ fẹ́ sítíkà roboto tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5. Lójú, mẹ́rin yẹ kó tò ní ìbú bébà. Ṣùgbọ́n àyè díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn fún sáásì, bíi mìlímítà 2, mẹ́rin wá di 20.6. Mìlímítà méjì péré ló kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í sì í lè tẹ̀ dé etí bébà bẹ́ẹ̀. Atẹ̀wé á wá to mẹ́ta ní ìbú, márùn-ún ní òró, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 15.

Ó dín in kù sí 4.5. Mẹ́rin ní ìbú di 18.6, mẹ́fà ní òró di 28, àyè sì ṣẹ́ kù yí ká. Sítíkà 24 ló jáde nínú bébà kan. Fún lọ́rà 120, bébà 5 ló tó, dípò 8. Owó bébà mẹ́ta ló bọ́ sí i lọ́wọ́ nítorí ìdajì sẹ̀ǹtímítà tí oníbàárà kò lè fi ojú rí. Láti Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn títí dé Ṣómólú ní Èkó, atẹ̀wé tó mọ iṣẹ́ lè ṣe ìṣirò yìí fún èèyàn, bí wọ́n bá bi í.

Ohun kejì tó bi wọ́n ni irú aró tí ẹ̀rọ wọn ń lò. Ẹ̀rọ kan wà tó ń tú aró olómi sórí bébà. Ìwé rẹ̀ dára lójú, ṣùgbọ́n tí omi bá kàn án, ó lè ṣàn. Ẹ̀rọ mìíràn ń fi ooru yọ́ àtíkè aró mọ́ bébà, ìyẹn kì í ṣàn. Ẹni tó ń ta nǹkan dídín, tí ọwọ́ olóòróró àti omi yìnyín ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ń kàn lójoojúmọ́, kò gbọdọ̀ ṣe àṣìṣe yìí. Ó fi ìka bọ omi, ó fi pa sítíkà àpẹẹrẹ. Ìka rẹ̀ mọ́.

Sítíkà roboto yìí kò lè gba gbogbo ohun tí òfin ń béèrè. Oúnjẹ tí a dì tà ní Nàìjíríà wà lábẹ́ NAFDAC, ara rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà àjọ náà, àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, ohun tó wà nínú rẹ̀, bó ṣe wúwo tó, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Àwọn tó gbìyànjú láti há gbogbo èyí mọ́ abẹ́ lógò ló ń bá lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò lè kà pàdé. Iwájú jẹ́ ti orúkọ. Ẹ̀yìn lọ́rà gba sítíkà kejì, onígun mẹ́rin, dúdú lórí funfun.

Ó sì tọ́jú iṣẹ́ náà. Lógò tí a bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí fọ́tò máa ń pàdánù dídán rẹ̀. Tí a bá wá fẹ́ ẹ lọ sí pátákó ńlá, etí lẹ́tà a máa rí ṣágiṣàgi bí eyín ayùn. Ó ní kí ẹni tó bá a ṣe é fi fáìlì SVG tàbí PDF ránṣẹ́ sí òun gẹ́gẹ́ bí ìwé, kì í ṣe fọ́tò, ó sì fi í ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ̀. Oníṣẹ́ lè kó kúrò ní àdúgbò, fóònù lè jábọ́ sínú kànga, fáìlì yóò ṣì wà.

AṢỌ ẸBÍ ÒWÒ

Kò sẹ́ni tó ń ka ọ̀rọ̀ kankan lára dáńfó kó tó mọ̀ pé dáńfó ni. Àwọ̀ òdòdó àti ìlà dúdú méjì ti sọ tán láti ìkòríta. Bí àwọn dáńfó bá ń yí àwọ̀ padà lóṣù méjì-méjì, ojú ará Èkó kò bá ti mọ̀ wọ́n. Níbi òde, aṣọ ẹbí ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹni tó bá yọjú ní tòun lọ́tọ̀, àlejò ló máa jọ.

Womuwomu dá aṣọ ẹbí tirẹ̀ sórí bébà kan. Ó kọ orúkọ náà bí yóò ṣe máa wà nígbà gbogbo, lẹ́tà kékeré, ọ̀rọ̀ kan, láìsí àlàfo. Ó kọ nọ́ńbà àwọ̀ aró rẹ̀. Ó kọ irú lẹ́tà kan fún lógò àti ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ tó kù. Ó kọ ohun mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe: kí wọ́n má fa lógò gùn, kí wọ́n má fi òjìji sí i, kí wọ́n má yí àwọ̀ rẹ̀ torí ọdún Kérésì tàbí Iléyá. Bébà yẹn ló ń fún gbogbo ẹni tó bá bá a ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ló gbé e kiri. Òǹtẹ̀ rọ́bà wà fún àpò bébà tí ó fi ń kó lọ́rà mẹ́wàá-mẹ́wàá, ìlà rẹ̀ kò sì tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí ìlà tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù aró á kún un pa. Lójú WhatsApp ti oníṣòwò, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, àwòrán máa ń jáde nínú róbótó, ọ̀rọ̀ gígùn á sì gé lọ́tùn-ún lósì. Ó gé orúkọ náà sí méjì, womu lókè, womu nísàlẹ̀, ó wá jókòó sáàárín róbótó náà. Fọ́tò ọjà rẹ̀, orí aṣọ àdìrẹ kan náà ló ti ń yà á, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kan náà, láàárọ̀. Èépírọ́ọ̀nù tó wọ̀ níbi ìdáná jẹ́ aró. Kò ra tuntun. Èyí tó ní tẹ́lẹ̀ ló rẹ sínú aró.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, nígbà tí lógò bá ti sú ẹni tó ni ín. Ojoojúmọ́ ló ń rí i, ṣùgbọ́n oníbàárà lè má tíì rí i ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ. Ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ojú ọjà gan-an ni wọ́n máa ń pa á rẹ́ láti ya òmíràn, tí gbogbo sítíkà tó kù á wá di ìdọ̀tí.

Kàkà kó fi bó ṣe rí lára rẹ̀ pinnu, obìnrin oníìpékeré wa ní kí àwọn oníṣọ́ọ̀bù mẹ́ta náà ran òun lọ́wọ́. Tí oníbàárà bá padà wá, kí wọ́n má na ọwọ́ mú nǹkan kan. Kí wọ́n bi í pé, “Èwo lẹ fẹ́?” kí wọ́n sì fi ìlà kan sára ògiri. Ìlà kan fún ẹni tó bá dárúkọ, ìlà mìíràn fún ẹni tó bá ní “onísítíkà aró yẹn”, ìkẹta fún ẹni tí kò mọ èyí tó fẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bí ìlà aró bá pọ̀ ju ìlà orúkọ lọ, á jẹ́ pé àwọ̀ ti ṣiṣẹ́, orúkọ ló kéré lójú, yóò sì fẹ̀ ẹ́ nígbà tí bébà márùn-ún yìí bá tán. Bí ìlà kẹta bá ló pọ̀ jù, yóò padà sídìí pẹpẹ, yóò dúró sí ibi tí oníbàárà máa ń dúró, yóò sì wò ó bóyá ojú tiẹ̀ rí sítíkà náà láti ibẹ̀.